Ìlà Tó Tẹ́ẹ́rẹ́ Bí Irun

Àwòrán ni iṣẹ́ mi ní ilé iṣẹ́ ìkòkò tí mo wà ní Sango-Ota. Èmi ni mò ń gbé fọ́tò ìkòkò sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa, èmi ni mo sì ń fi í sínú ìwé tí à ń kọ sí àwọn oníbàárà. Ọ́fíìsì wa kò ní fèrèsé. Ẹ̀yìn mi gan-an ni máníjà jókòó sí, bí mo bá mí kanlẹ̀, ó gbọ́. Wọ́n máa ń ti géètì títí iṣẹ́ á fi parí, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀pà jẹ kó tètè rà á láàárọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni máníjà mọ̀ nípa àwòrán: kó má wúwo. Gbogbo rẹ̀ ni kí n sọ di JPEG. Fún ìkòkò, kò burú. JPEG máa ń da díẹ̀ nù nínú àwòrán kó lè fúyẹ́, nǹkan wẹ́wẹ́ tí ojú kì í sábà wá ló sì ń dà nù. PNG kì í da ohunkóhun nù, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ fọ́tò ni, á wúwo, á sì pẹ́ kó tó ṣí lórí fóònù. Nítorí náà mo máa ń dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń tẹ ọmọrí ìkòkò gbá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀, tó ń gbé ládùúgbò Joju, lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n ya X-ray rẹ̀ nílé ìwòsàn, wọ́n fi àwòrán náà fún un nínú fláàṣì. Dókítà fi ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun hàn án: egungun ti sán, kó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ adójútòfò wa gbọ́dọ̀ rí àwòrán náà kí wọ́n tó gbà kó sinmi. Máníjà fọwọ́ ara rẹ̀ fún àwòrán náà pọ̀ di JPEG gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Èsì dé: àwọn ò rí ibi tó sán, kó padà sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ẹ̀gbọ́n yìí wá bá mi, ó fi ìborùn ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ kọ́rùn.

"Àbúrò, wọ́n ní nǹkan kan ò ṣe mí. Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni?"

Mo ṣí àwòrán tí wọ́n rí, mo fẹ̀ ẹ́. Níbi tó yẹ kí ìlà wà, àwọ̀ eérú lásán ló wà níbẹ̀, ó ń dán bí ẹ̀kọ tútù. Inú bí mi gan-an. Mo ṣàlàyé fún máníjà ohun tí JPEG ń dà nù tí PNG kì í dà nù.

"Ṣebí o ní PNG kì í da nǹkan nù," ló wí. "Sọ eléyìí di PNG."

"Sà, kì í da nǹkan nù, ṣùgbọ́n kì í wá ohun tó ti sọnù. Omi tó ti dànù, a kì í kó o mọ́."

Mo gba fláàṣì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, mo ṣí àwòrán inú rẹ̀. Mo fi odindi àwòrán ṣe PNG, wẹ́ẹ̀bùsáìtì àwọn adójútòfò kọ̀ ọ́, ó wúwo jù. Mo gé ọrùn ọwọ́ nìkan, ó fúyẹ́, ìlà sì wà ketekete, àmọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n tó wà lókè àwòrán ti bá gígé lọ. Egungun tí kò lórúkọ, ta ni yóò gbà pé tirẹ̀ ni? Fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," máníjà wí. "Wọ́n ti fún wa ní èsì. Ìkòkò tuntun ń dúró dè ọ́." Kì í ṣe ìkà. Òun náà ní ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ṣí ìwé tuntun kan lórí kọ̀ǹpútà. Mo fi odindi àwòrán sókè ní JPEG, nítorí orúkọ, mo fi àpótí pupa yí ọrùn ọwọ́ ká. Èyí tí mo gé, mo fi í sísàlẹ̀ ní PNG. Mo sọ ìwé náà di PDF, mo ṣí i wò. Ìlà tún ti lọ. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ìwé náà ló ń fún àwòrán pọ̀ fúnra rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń dá a lẹ́kun kàn, mo pa ìfúnpọ̀ ọ̀hún, mo tún PDF ṣe. Ìlà yọ. Mo fi ránṣẹ́, ó wọlé.

Ọjọ́ Fúráìdè ni èsì dé: kó lọ sinmi títí egungun á fi jinná.

Ó wá dúpẹ́. Ó na ọwọ́ òsì sí mi, ó rántí, ojú tì í, ó fẹ́ fà á padà.

"Àbúrò, má bínú. Òun ló kù."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Máníjà wúkọ́ lẹ́yìn mi.

"Àwọn ìkòkò yẹn. JPEG o."

Mo jókòó. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ṣí géètì fún ẹ̀gbọ́n. Mo sì gbọ́ nígbà tí wọ́n tún tì í.