Ìrẹ̀lẹ̀ Elisha

Gbogbo ọ́fíìsì wa ní Lokoja ló ń yin Elisha fún ìwà ìrẹ̀lẹ̀. Tó bá ń bọ̀, orí á ti ṣáájú ẹsẹ̀, èjìká á ti ká mọ́ àyà. Ìrẹ̀lẹ̀ kọ, ìrẹ̀lẹ̀ ni! Ọdún mẹ́tàlá tó ti ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ tiẹ̀ gan débi pé kó tó lè dìde, á kọ́kọ́ pe Jésù.

Ìyàwó rẹ̀ ló wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ Zipporah tó ń tọ́jú iṣan àti eegun ní ọsibítù. Zipporah ní kó máa fi orúnkún kan kúnlẹ̀, kó fún ìdí pọ̀, kó rọra ti ìbàdí síwájú kí iwájú itan lè nà. Kó gbé apá méjèèjì lé férémù ilẹ̀kùn, kó gbẹ́sẹ̀ kan síwájú kí àyà lè ṣí. Kó máa fa okùn rọ́bà sẹ́yìn kí èjìká lè le. Kó sì yéé jókòó pẹ́ bí ère.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Elisha nà ṣánṣán. Ni Alàgbà Jacob, ọ̀gá wa, bá gbaná jẹ: "O wá ń yọ àyà sí mi? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí ni?"

Elisha dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú ọ̀gá rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà á dìde, ni ẹ̀yìn wọn bá há. Elisha dìde wẹ́rẹ́. Ọ̀gá ò lè nàró.

Ibẹ̀ ni Yẹ́misí akọ̀wé wọlé bá wọn, ọ̀gá tẹ̀ ba níwájú Elisha.

"Háà," ló ní, "ọ̀gá wa náà mà níwà ìrẹ̀lẹ̀ o!"