Ìwé Ẹ̀yáwó Tí Mo Kà fún Bàbá Mi

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe ìdánwò ìṣirò tí wọ́n fi ń jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì fìdí rẹmi. Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ aránṣọ, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó fi ìbẹ̀rù kan sí mi lára. Bí mo bá ti rí nọ́ńbà tó tò lọ rẹrẹ lórí ìwé, ojú mi á fò ó kọjá, á lọ síbi tí wọ́n ní kí n buwọ́ lù.

Mowé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ládùúgbò tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni pọ̀ sí bí ilé oúnjẹ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìyá kan tó ni ilé-ẹ̀kọ́ méjì pè mí, ó ní kí n bá òun rán yunifọ́ọ̀mù irinwó, kí gbogbo rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. N kò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Máṣíìnì méjì tí mo ní, ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n, ọ̀kan tilẹ̀ máa ń já òwú bí ẹni tó ń bínú. Mo wádìí iye tí wọ́n ń ta máṣíìnì ńlá oníná kan àti èyí tí ń ká etí aṣọ. Wọ́n ní méjèèjì á gbà mí ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ₦570,000.

Mo lọ sí ilé-owó kan ní Ìbàfò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń rí sí ẹ̀yáwó níbẹ̀ dára lẹ́nu, ó fún mi ní àga, ó fún mi ní omi.

Ó ní, “Màdáàmù, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ni a máa yá yín, oṣù mẹ́fà lẹ máa fi san án. Ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé wa lóṣù. Àwọn tó wà ní Ifọ̀, márùn-ún ni wọ́n ń gbà.”

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, torí mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ti Ifọ̀. Nígbà tí wọ́n ti pe márùn-ún ni mo ti dìde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo rí onídàá mẹ́rin. Ó kó ìwé lé mi lọ́wọ́, ó ní ohun tó kù kò ju onídùúró kan lọ. Bàbá mi ló sọ sí mi lọ́kàn.

Bàbá mi, káfíńtà ni ní Ifọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó dúró fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó fẹ́ yá owó. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i, ó fọwọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ náà san án títí, kò lè san án tán, ó sì kó kúrò nílùú. Ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń fá pákó ni àwọn olówó wá gbé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò bá wọn jà. Ó kàn bá wọn gbé e sínú ọkọ̀, torí pé ó mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti dì í mú kó má baà bàjẹ́. Ọdún mélòó kan ló fi ọwọ́ fá pákó kó tó ra òmíràn.

Nítorí náà, nígbà tí mo dé ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹ̀rù ń bà mí. Mo kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Kú àbọ̀. Ṣé kò sí láburú?”

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi tán, ó gbọn eruku pákó kúrò lára bẹ́ǹṣì, ó ní kí n jókòó.

“Ojú mi ò ríran ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Kà á fún mi.”

“Bàbá, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́.”

“Ìwọ ò gbọ́ òyìnbó ni? Sọ ọ́ ní Yorùbá kí n gbọ́. Mi ò tún ní fọwọ́ sí ohun tí mi ò gbọ́ mọ́ láyé mi.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kéèyàn fi ojú gba orí ìwé, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn sọ ọ́ fún ẹlòmíràn lẹ́nu. Bí mo bá fẹ́ fo ìlà kan, bàbá mi á ní, “Kí ló wà láàárín ibẹ̀ tó o gbé mì?” Ojú ìwé kìíní tán, èyí tó sọ iye owó, oṣù mẹ́fà àti ìdá mẹ́rin.

Ó bi mí pé, “Eélòó ló máa wọ̀ ọ́ lọ́wọ́?”

“Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta.”

“Níbo lo ti kà á pé iye yẹn ló máa wọ̀ ọ́ lọ́wọ́?”

Mo wá a. Mi ò rí i. Ohun tí mo rí lójú ìwé kejì ni àwọn ohun tí wọ́n máa yọ kí owó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Owó fọ́ọ̀mù, ẹgbẹ̀rún méjì. Owó ètò, ẹgbẹ̀rún méjìlá. Owó ìnṣọ́ránsì, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún tí wọ́n á dì mú bí owó ìpamọ́ mi, tí wọn kò ní fún mi ní èlé kankan lórí rẹ̀, tí n kò sì ní fọwọ́ kàn títí n ó fi san gbèsè tán.

Bàbá mi na pẹ́ńsù káfíńtà sí mi, ó ti àjákù pákó kan síwájú mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó máa wọ̀ mí lọ́wọ́ jẹ́ ₦520,000. Kò tilẹ̀ tó ra máṣíìnì méjèèjì.

Mo ṣí ojú ìwé kẹta, níbi tí wọ́n to bí n ó ṣe máa san án sí. Ìlà mẹ́fà ni, gbogbo wọn sì bára mu: ojú owó tí mo yá ₦100,000, èlé ₦24,000, àpapọ̀ ₦124,000. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ìlà kẹfà, mo tún padà sí ìlà kìíní.

Bàbá mi ní, “Kí ló dé?”

“Bàbá, ẹ dúró ná. Tó bá di oṣù kẹfà, mo ti san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta padà nínú ojú owó. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ló kù lọ́rùn mi. Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún tèmi sì wà lọ́wọ́ wọn. Ogójì ẹgbẹ̀rún péré ni owó wọn tó wà lọ́wọ́ mi. Èlé ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n tún fẹ́ gbà lórí ogójì!”

Bàbá mi kàn ń wò mí. Mo tún kọ ọ́ sára pákó náà: èlé oṣù mẹ́fà, ₦144,000, owó fọ́ọ̀mù, ètò àti ìnṣọ́ránsì, ₦20,000. Ohun tí owó yìí máa ná mi jẹ́ ₦164,000, lórí ₦520,000 tí mo máa fojú rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀bù, n kò tíì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ ìdá tó jẹ́ gan-an. Mo gbé fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ₦520,000. Lóṣù kọ̀ọ̀kan mo fi èlé kún ohun tó kù, mo yọ ₦124,000 kúrò. Lóṣù kẹfà mo yọ ₦64,000 péré, torí wọ́n á dá ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún mi padà. Bí ìdá náà bá jẹ́ òótọ́, kò yẹ kí ohunkóhun ṣẹ́kù. Mo fi mẹ́rin dán an wò, kò bá a mu rárá. Mo fi mẹ́fà dán an, mo fi mẹ́jọ dán an. Nígbà tí mo fi mẹ́sàn-án dán an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pátápátá. Mẹ́sàn-án lé díẹ̀ lóṣù, ohun tí wọ́n pè ní mẹ́rin! Èmi tí mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dìde lórí àga, mo rìn yí ká ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀kan, mo tún jókòó.

Mo padà sí Ìbàfò. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, èlé yín yìí, ṣé lórí ohun tó bá kù lọ́rùn mi ni, àbí lórí gbogbo owó tí mo yá?”

Ó gbójú sókè. “Lórí gbogbo rẹ̀ ni, màdáàmù.”

“Bí mo bá tètè san án tán ńkọ́?”

“Èlé yẹn kì í dín.” Ó wò mí díẹ̀. “Ṣé iṣẹ́ báǹkì lẹ ń ṣe ni?”

“Aránṣọ ni mí.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Mi ò purọ́ fún yín o. Ó wà nínú ìwé. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí ni.”

Mo gbà á gbọ́. Mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un, mo sì dúpẹ́ fún omi ọjọ́ ìjọsí.

Ifọ̀ ni mo gbà lọ, sọ́dọ̀ àwọn onídàá márùn-ún tí mo ti sá fún. Mo bi obìnrin tó wà níbẹ̀ ní ìbéèrè kan náà. Ó ní lórí ohun tó bá kù ni. Ó tẹ ìwé sísan rẹ̀ jáde, mo sì ka ìlà kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀. Oṣù kìíní, èlé ₦30,000. Ìkejì, ₦25,000. Bẹ́ẹ̀ ló ń já wá sílẹ̀ títí tó fi di ₦5,000 lóṣù kẹfà. Àpapọ̀ èlé jẹ́ ₦105,000. Owó ètò, ₦6,000, kò sí yíyọ mìíràn. ₦594,000 ló máa wọ̀ mí lọ́wọ́, ₦111,000 ló sì máa ná mi. Ti onídàá márùn-ún fi ₦53,000 dín sí ti onídàá mẹ́rin.

Ohun kan ṣoṣo ló wúwo níbẹ̀: ₦130,000 ni owó oṣù kìíní, ó ju ti Ìbàfò lọ. Mo kọ́kọ́ lọ bá ìyá onílé-ẹ̀kọ́, a jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́ tí òun máa fún mi ní ìdajì owó iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé ìwé lọ bá bàbá mi. Mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò fo ìlà kan. Ó fọwọ́ sí i.

Mo fi máṣíìnì tuntun méjèèjì rán irinwó yunifọ́ọ̀mù pé, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àwọn ọmọ wọlé. Lóṣù karùn-ún, mo san gbogbo ohun tó kù, èlé ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó gbẹ̀yìn sì bọ́ kúrò lọ́rùn mi. Nígbà tí mo gbé ìwé pé mo ti san tán lọ fún bàbá mi, àwọn káfíńtà méjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n dìde lórí ìkúnlẹ̀ tó fi sọ fún wọn pé, “Ọmọ mi nìyí. Ó ka ìwé owó ju àwọn tó kọ ọ́ lọ.”

Ó sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ, ṣùgbọ́n n kò ṣàtúnṣe rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ní báyìí, àwọn obìnrin máa ń gbé ìwé ẹ̀yáwó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù: olóúnjẹ, aṣerunlóge, ìyàwó pásítọ̀ kan tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta. Mo máa ń ti aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì máa ń ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn kà á fún mi.