Ọjọ́ tí Íńtánẹ́ẹ̀tì Já Mọ́ Fẹ̀sọ̀ṣe Lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: n kò ní sùúrù. Bí omi bá pẹ́ kó tó hó lórí iná, èmi á ti máa bá ìkòkò jà. Ọlọ́run wá fi àbúrò mi obìnrin sí ẹ̀gbẹ́ mi, bí ẹni pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Fẹ̀sọ̀ṣe ni gbogbo ilé ń pè é. Nígbà tó wà ní kékeré, bí ẹ bá rán an níṣẹ́, ẹ ó ti lọ jẹ́ iṣẹ́ náà fúnra yín kó tó dé. Ṣùgbọ́n tó bá dé, ohun tí ẹ rán an gan-an ló máa gbé wá, kò ní gbé òmíràn.

Irun ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé, yàrá àbúrò mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe olùrànlọ́wọ́ nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Òun ló ń nu imú wọn, òun ló ń so okùn bàtà wọn, òun ló ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún tí wọ́n bá ń ké pe ìyá wọn. Ẹlòmíràn ló wá ń jẹ́ tíṣà wọn. Nígbà tí tíṣà náà fẹ́ fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pe àbúrò mi, wọ́n ní, "Ìwọ ni mo fẹ́ fún ní kíláàsì yìí, ṣùgbọ́n òfin ò gbà àfi kó o ní ìwé ẹ̀rí. Màá dì í mú dè ọ́ títí di òpin ọdún yìí. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, apá mi ò ká a mọ́."

Bó ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, òun tó bímọ méjì, tí ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn. Ó yege, ó yege, ó wá ku ìdánwò kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é. Aago mẹ́wàá ló máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jin àwọn tó bá pẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀kùn ti tì, ó di àmọ́dún. Àmọ́dún kẹ̀! Kíláàsì ti di ti ẹlòmíràn nígbà yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mò ń fọ irun nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà mi. Ọṣẹ kún orí rẹ̀ fọ́fọ́. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù nígbà tí Fẹ̀sọ̀ṣe yọjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, íńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ o." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nínú ilé.

Mo ní, "Yéè! Mo gbé! Ta ló ṣe wá báyìí?"

Ó ní, "A ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Mo fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lórí, mo tẹ̀ lé e wọ yàrá. Ó jókòó. Ẹ gbọ́ mi o, ó jókòó! Ojú ewé ìdánwò ò ṣí, ó wá gbìyànjú ojú ewé mìíràn tí kò kan ìdánwò rárá. Ìyẹn náà ò ṣí. Ó ní, "Ẹ̀bi ò sí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìdánwò." Ó mú fóònù rẹ̀ tó ń lo wáífáì ilé kan náà, ó tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. Ó ní, "Kọ̀ǹpútà mi náà ò jẹ̀bi."

Mo ní, "Ṣé ilé ẹjọ́ la wà ni? Ìwọ sáà ṣe nǹkan kan!"

Ó lọ síbi ráútà, àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé. Iná mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀. Iná tó sọ pé mànàmáná wà, àwọ̀ ewé ni. Ti wáífáì, àwọ̀ ewé ni. Èyí tó sọ pé okùn ìta ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé ló pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ó fọwọ́ kan okùn náà níbi tó ti wọ ráútà àti níbi tó ti jáde lára ògiri, ó le dáadáa níbi méjèèjì. Ó wá pa ráútà, ó dúró díẹ̀, ó tún tàn án.

Ẹ má bi mí bí ara mi ṣe rí nígbà tí a ń dúró kí àpótí yẹn jí. Mo gbọ́wọ́ lérí, mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kí n fi igbá lu ráútà yẹn lórí. Nígbà tó jí, pupa náà ló tún pọ́n.

Fẹ̀sọ̀ṣe na orí jáde lójú fèrèsé, ó pe télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì yín ń ṣiṣẹ́?"

Télọ̀ ní, "Hùn, tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú báyìí ni. Àfi bíi pé wọ́n tì í látẹ̀yìn."

"Ẹ ṣeun." Ó yí sí mi. "Kì í ṣe inú ilé wa ló ti bàjẹ́. Ìta ni. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i níhìn-ín, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀." Ó ya fọ́tò iná pupa náà, ó ya ti ojú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú aago tó wà lórí rẹ̀, ó ní bó bá di ẹjọ́, kí ẹ̀rí wà. Ó wá kọ nọ́ńbà kan fún mi pé kí n pe àwọn tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé torí kí n lè kúrò lórí òun ló ṣe rán mi níṣẹ́. Mo pè é ṣá. Orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí. Orin! Lọ́jọ́ tí nǹkan fẹ́ bàjẹ́!

Aago mẹ́wàá lù.

Òun ti ṣí họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè máa fa dátà lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà so mọ́ ọn, síbẹ̀ nǹkan ò ṣí. Ó wo fóònù náà fínnífínní, ó rẹ́rìn-ín. "Wáífáì ilé tó ti kú yẹn ni fóònù yìí ṣì rọ̀ mọ́ o." Ó pa wáífáì orí fóònù, kó lè lo dátà tirẹ̀. A dúró. Kò ṣí. Ó gba fóònù tèmi náà wò. Bákan náà.

Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ra síìmù wa?"

Mo ní, "Èmi ni. Ilé-iṣẹ́ tó fa okùn wọlé fún wa ló fún mi ní méjèèjì, ẹ̀dínwó ni wọ́n ṣe fún mi."

"Ibi kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti já nìyẹn. Ta ló ń lo ilé-iṣẹ́ mìíràn nítòsí?"

Nọ́ọ̀sì ké láti ṣọ́ọ̀bù, "Èmi! Tèmi yàtọ̀, mo sì ní dátà dáadáa!" Orí mi wú. Mo sáré lọ, mo bá a tó ti ṣí họ́tísípọ́ọ̀tì rẹ̀, tí omi ọṣẹ ń kán sí i léjìká. Láti inú yàrá, Fẹ̀sọ̀ṣe ní òun ti rí i lórí kọ̀ǹpútà, páásíwọ́ọ̀dù ló ń béèrè.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì mi, kí ni páásíwọ́ọ̀dù yín?"

Ó ní, "Mo ti gbàgbé."

Háà! Mo ní, "Ẹ ti gbàgbé kẹ̀? Ẹ jókòó síbí, ẹ ń pariwó èmi, èmi, ẹ wá ti gbàgbé?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. "Mo ní mo ti gbàgbé."

"Mo ti gbọ́! Etí mi ò di! Ẹ rántí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ Ọlọ́run rántí ẹ̀!"

"Kí ni kí n tún rántí? Mo ti gbàgbé ni mo ní!"

Bí a ṣe ń lọgun mọ́ ara wa nìyẹn. Ohùn àbúrò mi wá jẹ́ẹ́ láti ẹ̀yìn ògiri. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ò rántí páásíwọ́ọ̀dù yín ni, àbí 'mo ti gbàgbé' gan-an ni páásíwọ́ọ̀dù náà?"

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. "Ọlọ́run ló rán ẹ! Òun náà ni! Ọkọ mi ló fi síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá bi mí, ohun tí mo máa ń wí náà nìyẹn."

"Ṣé ẹ pa á pọ̀?"

"Ó pa pọ̀. Lẹ́tà kéékèèké ni gbogbo ẹ̀, kò sí àmì kankan lórí ẹ̀."

Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ bọ́tìnì, kíkì, kíkì, kíkì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó ti wọlé." Mo bẹ́ sókè, mo gbá nọ́ọ̀sì mọ́ra pẹ̀lú ọṣẹ orí rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ilẹ̀kùn tì.

A gbé fóònù nọ́ọ̀sì sórí àga lẹ́nu ọ̀nà yàrá, a ki ṣájà bọ̀ ọ́ kí bátìrì má baà dá wa lóró, torí kámẹ́rà ìdánwò ò gbọdọ̀ rí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Fẹ̀sọ̀ṣe ti ilẹ̀kùn. Mo fọ irun nọ́ọ̀sì, mo jẹ́ kó gbẹ, mo sì dì í láì gba kọ́bọ̀. Òun náà ní títí ìdánwò á fi parí, òun ò ní fọwọ́ kan fóònù yẹn, bí ọ̀gá òun ń pe òun kó máa pè.

Nígbà tí àbúrò mi jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an." Omijé wá bọ́ lójú rẹ̀. Èmi tí mo rò pé kò mọ ohun tí ń jẹ́ ẹ̀rù! Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ẹni tó ń fẹ̀sọ̀ mú un lè máa gbọ̀n nínú. Mo dì í mú, a jọ sunkún.

Nígbà tí èsì dé, ó yege, kì í ṣe yíyege lásán. Mo gbé ariwo dé ìta tòun ti ìyarun lọ́wọ́. Télọ̀ jáde, ó rò pé ilé ń jó ni. Mo ní, "Àbúrò mi ti gba ìwé ẹ̀rí! Ẹni tó bá lẹ́nu kó bá mi yọ̀!"

Lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Àwọn ọmọ ti jókòó. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ síta, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Àwọn ọmọ yín ń dúró dè yín."

Fẹ̀sọ̀ṣe bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo tì í léjìká. Mo ní, "Ìwọ ni, jàre. Wọlé."

Ó wọlé.