Ímeèlì Ẹ̀gbọ́n Oníkọ́kọ́rọ́ Lórí Ínsúlínì Tó Pẹ́

Ẹ̀gbọ́n Oníkọ́kọ́rọ́ là ń pe obìnrin tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ oògùn ní kílíníìkì wa. Ọdún kẹtàdínlógún rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bó bá dé láàárọ̀, kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, á ti ṣí fíríìjì, á wo bó ṣe tutù sí lójú tẹmómítà, á sì kọ ọ́ sórí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó máa rántí pé èèyàn la jẹ́.

Èmi ni mo ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn. Wọ́n ní ẹnu mi mú. N ò bá wọn jiyàn. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ló máa ń bẹ̀bẹ̀. Ìwà yẹn dára, àmọ́ ó máa ń bí mi nínú, kí n má purọ́.

Lóṣù yẹn, ọjọ́ kẹta ló fi ọ́dà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń kó oògùn fún wa: ínsúlínì fún àwọn alátọ̀gbẹ, omi dírípù tí wọ́n ń fà sára, òwú, àti ìbọ̀wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ọjọ́ kẹwàá làwọn máa gbé e dé. Ọjọ́ kẹwàá dé, ó kọjá, a ò rí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n kọ ímeèlì. Wọ́n dá a lóhùn pé, "A dúpẹ́ o, Màmá. Àmín sí gbogbo àdúrà yín." Ó tún kọ òmíràn. Wọ́n tún ṣe àmín.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìpàdé àdúrà lẹ ń bá wọn ṣe ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún, mo ń to káàdì, ni mo bá rí nǹkan kan nínú ti Bàbá Tísà. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, kò sì lè gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ínsúlínì. Ní àràárọ̀ ọjọ́ mẹ́rin tó kọjá, nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ sí i. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣófo. Nọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ sì rò pé bàbá rìnrìn àjò ni.

Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì níta lọ́wọ́ yẹn, ètè rẹ̀ gbẹ. Mo pe Ẹ̀gbọ́n, a jọ lọ bá a.

Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ló dé tí ẹ kì í wá nírọ̀lẹ́ mọ́?"

Bàbá kọ́kọ́ fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó. Nígbà tó yá ó ní, "Mo gbọ́ táwọn nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́ pé ó ku ìgò kan ṣoṣo. Àwa mẹ́rin la sì ń gbà á. Ìyá kan wà nínú wa tó ṣì ń fọ́mọ lọ́mú. Èmi ti dàgbà. Mo ní kí n fi tèmi mọ sí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́."

Háà! Ẹ̀gbọ́n fa bàbá lọ́wọ́ dìde, ó mú un lọ bá dókítà. Wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ti gòkè gan-an. Dókítà ní bó bá fi ọjọ́ díẹ̀ kún un báyìí, ọ̀rọ̀ á di ti ọsibítù ńlá. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó lọ wo ìgò tó kù, ó ṣírò rẹ̀: bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń gbà á bó ṣe yẹ, ọjọ́ márùn-ún ni. Ó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Ó ní, "Wá ka àwọn tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ fún mi."

Mo kà á. Ẹ gbà mí! Ó kí ọ̀gá wọn, ó kí àwọn awakọ̀, ó kí ìyàwó ilé wọn, ó bá wọn dúpẹ́ òjò, ó gbàdúrà kí iṣẹ́ má bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìlà kẹtàdínlógún ló tó wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ rántí ẹrù wa." Kò sí nọ́ńbà ọ́dà níbẹ̀, kò sí orúkọ oògùn kankan.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa ka ìkíni dé ìlà kẹtàdínlógún?"

Kò bínú. Ó ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi èyí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Sún mọ́ mi, ká tún un kọ."

Mo ní ká bú wọn díẹ̀, kó lè dùn wọ́n. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ o. Ọ́dà wa nọ́ńbà 417 lọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọjọ́ kẹta la fi ránṣẹ́, ọjọ́ kẹwàá lẹ ṣèlérí. Òní jẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún, a ò tíì rí i. Ínsúlínì tó kù lọ́wọ́ wa kò lè kọjá ọjọ́ márùn-ún fún èèyàn mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń dín tirẹ̀ kù nítorí ìdádúró yìí. Bí ẹrù kò bá tíì pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ínsúlínì ṣáájú nínú kúlà, kó tutù ṣùgbọ́n kó má dì, kó dé ọ̀dọ̀ wa kó tó di ọ̀sán ọ̀la. Ìyókù lè tẹ̀ lé e. Ẹ fún wa lésì kí aago méjì ọ̀sán òní tó lù. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ fún wa tààrà, ká lè wá a lọ síbòmíràn. A fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín àti dókítà wa. A mọrírì iṣẹ́ yín, ẹ ṣé o."

Kò tíì pé wákàtí kan tí fóònù dún. Akọ̀wé iléeṣẹ́ náà ni. "Màmá, ẹ má bínú! Ínsúlínì yín ti wà nínú yàrá tútù wa látọjọ́ kẹsàn-án. Ìbọ̀wọ́ ni kò tíì dé. Òfin wa ni pé ẹrù kì í jáde tí kò bá tíì pé, àyàfi tí oníbàárà bá kọ̀wé pé ká pín in. Ẹ ò sì sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àwa rò pé ẹ kàn ń kí wa ni. Kódà, mo máa ń ka ìkíni yín fún gbogbo ọ́fíìsì."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ bojú.

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ kejì, kúlà dé. Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kí awakọ̀ lọ. Ó wo tẹmómítà inú rẹ̀, ó yẹ ìgò kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó dì, ó ka ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó tó wá fọwọ́ sí ìwé.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Tísà wá. Nọ́ọ̀sì gún un tán, bàbá ń fi òwú tẹ apá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mú un lọ sídìí fíríìjì, ó fi àwọn ìgò tuntun hàn án. Bàbá wò wọ́n pẹ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, láàárọ̀ àná, kí n tó wá síbí, ni mo fi ibi tí ìwé ilé wà han ìyàwó mi. Mo sì sọ ẹni tó máa mójú tó ilé náà fún un, bí n ò bá sí mọ́."

Èmi tí wọ́n ní ẹnu mi mú, káàdì tó wà lọ́wọ́ mi ni mo tẹjú mọ́. Omi lé ròrò sójú Ẹ̀gbọ́n. Ó ti fíríìjì, ó di bàbá lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Bí ẹ bá délé báyìí, sà, ẹ tún ìwé yẹn gbé pamọ́."