Ẹni Tó Ní Ká Dúró

Ní àkókò tí fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, akọ̀wé ni mí ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Ìbàfò. Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn aboyún, èmi ni mo ń tẹ lẹ́tà. Mòwé ni mo ń gbé, ẹ̀rù ọ̀nà márosẹ̀ nìkan ni mo sì rò pé iṣẹ́ yẹn lè mú bá mi.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin kan bímọ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ké, ibi ọmọ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára, ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n máa gbé e wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù ńlá l'Ékòó, kò lè la ojú mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni ọkọ rẹ̀ wá. Kò pariwo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ìyàwó mi kò tíì sọ̀rọ̀. Òfin ló máa bá yín sọ̀rọ̀." Ì bá sàn kó pariwo.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Mètírọ́nì, àgbà nọ́ọ̀sì wa, pe àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì kó máa gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Èmi kò sí ńbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ránṣẹ́ pè é ní Ìfọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti kú. Ó gbé fóònù náà fún ọmọ ìbátan rẹ̀ kan tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa, pé kó tẹ́tí sí i, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó kó ìwé rẹ̀ wá fún Dókítà tó ni ilé ìgbẹ̀bí náà. Ọmọ náà kọ ọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó pa ohùn náà rẹ́, nítorí pé fóònù ti kún.

Ìwé yẹn ni Dókítà gbé sí iwájú mi láàárọ̀ Fúráídè.

"Màdáámù, ẹ bá mi sọ eléyìí di míníìtì ìpàdé. Mo fẹ́ mú un lọ bá lọ́yà lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Mo kà á. Kò sí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pàdé, kò sí orúkọ àwọn tó wá. Ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyí:

Ẹnìkan: Mo ní ká gbé e lọ, ó ní ká dúró díẹ̀ ná.
Ẹlòmíì: Ká dúró kẹ̀? (ariwo jẹnẹrétọ̀)
Ẹnìkan: Ẹ̀jẹ̀ ti kún... (kò yé mi)
Ẹnìkan: Látòní lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni kó pe mọ́tò.

Dókítà na ìka sí i. "Ta ni 'ó' yẹn?"

"Mi ò sí ńbẹ̀, sà."

"Ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ mọ bí kálukú wọn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi orúkọ sí i. Kí ẹ sì kọ ọ́ sókè pé ìpàdé ìwádìí ni."

Ó wọlé lọ. Yàtọ̀ sí Mètírọ́nì, nọ́ọ̀sì méjì ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ìbímọ yẹn, àgbàlagbà kan àti ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ wa. Nínú ọkàn mi, mo ti mọ ẹni tí "ó" yẹn jẹ́. Ọmọbìnrin náà máa ń lọ́ra, ó sì máa ń sọ pé "ẹ dúró ná" lórí gbogbo nǹkan. Ohun tó dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn, pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀ láti fi orúkọ ènìyàn sí i. Bó bá jẹ́ ìwádìí ni ìpàdé náà, ẹ̀rí ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé kí wọ́n lè rí ibi tí àṣìṣe wà ni Mètírọ́nì ṣe pè wọ́n jọ, kò yẹ kí orúkọ kankan wọ inú rẹ̀. Èwo ni? Mo pe Mètírọ́nì títí lórí fóònù rẹ̀ kejì, ìpè kò wọlé.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká ṣíwọ́, ọmọbìnrin náà wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

"Àǹtí, ṣé orúkọ mi wà ńbẹ̀?"

"Orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí ńbẹ̀."

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa fi sí i."

Kò sọ pé òun kọ́. Mi ò sì bi í, nítorí ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ ń bà mí. Mo ní kó dìde. Ó dìde, ó jáde.

Lẹ́yìn tó lọ, mo tẹ ohun tí mo lè fi ojú kan nínú ìwé náà. Ní ibi ìdí ìpàdé, mo kọ ọ́ pé kò hàn nínú ohun tí a rí gbà. Ní ibi àwọn tó wá, mo kọ ohun kan náà. Mo kọ "olùsọ̀rọ̀ kan" àti "olùsọ̀rọ̀ mìíràn," mi ò sì sọ pé ẹni kan náà ló sọ gbólóhùn méjì. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti bo ọ̀rọ̀, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́tò nìkan ló dà bí ìpinnu, síbẹ̀ mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé a kò mọ̀ bóyá gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ìwé náà rí jákujàku. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé e bẹ́ẹ̀ fún Dókítà, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìfọ̀. Mi ò mọ ojú tí màá fi gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé ọ̀fọ̀. Àárín àwọn obìnrin ẹbí ni mo bá Mètírọ́nì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà." Ó wo báàgì mi, ó dìde, ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ó ka ohun tí mo tẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi àyè sílẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà. Dókítà ní kí n pè é ní ìwádìí."

"Ìwádìí kẹ̀? Mo sọ fún wọn kí n tó tan fóònù yẹn pé mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n lè la ẹnu wọn. Mo fẹ́ mọ ohun tó mú wa falẹ̀ ni, kó má bàa pa ẹlòmíì. Ọmọ ìbátan mi tó kọ ọ́ kò gbọ́ apá yẹn, torí kò sí nínú ohùn tí fóònù gbà." Ó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ta ni Dókítà rò pé ó ní ká dúró?"

"Kò dárúkọ, mà. Èmi ló ní kí n fi orúkọ sí i."

"Èmi ni. Ọmọbìnrin yẹn ló ní ká gbé e lọ; 'wọ́n' ló pè mí, ẹni tó kọ ọ́ ló sọ ọ́ di 'ó'. Mo rò pé abẹ́rẹ́ kejì máa mú un."

Mo jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ṣe mí bí ẹni pé mo ti fi orúkọ ọmọlọ́mọ sí i.

Mètírọ́nì gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdí ìpàdé sí àyè tí mo fi sílẹ̀. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé òun ni òun ní kí wọ́n dúró, ó sì fọwọ́ sí i. Ó ní kí n fi orúkọ àwọn yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Dókítà kà á lórí ìdúró. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Kò bá mi wí, kò sì kí mi. Wọ́n gba ẹ̀mí obìnrin náà là, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò mú wa lọ sí kóòtù. Ó ránṣẹ́ wá gba káàdì ìyàwó rẹ̀, a kò sì gbúròó wọn mọ́. Mètírọ́nì padà wá, ó bá wa ṣiṣẹ́ títí ọdún fi parí, ṣùgbọ́n kò tún dá gbẹ̀bí fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọmọbìnrin náà kò wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn. Mo mú ẹ̀dà ìwé náà dání, mo wá a lọ sí yàrá tó háyà, kí n lè fi hàn án pé orúkọ rẹ̀ kò sí ńbẹ̀. Onílé ní àná ló kó ẹrù, pé kò sọ ibi tó ń lọ.