Páìlì Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Lábẹ́ Táǹkì Kan

Ìyá Ẹ-Dúró-Ná ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé orúkọ náà kò bá a mu. Bí wọ́n bá fẹ́ da kọ̀ǹkéré, á ní ẹ dúró ná. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nílé, á kọ́kọ́ fọwọ́ kan abọ́ wò. Ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe àwàdà pé ọjọ́ tí òun dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, "ẹ dúró ná" yẹn náà ló fi dá òun lóhùn, òun sì dúró títí ojú òun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ló ń yẹ̀ wò fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé: á gbẹ́ ihò tóóró wọnú ilẹ̀, á fa amọ̀ ìsàlẹ̀ jáde, á tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka, á wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ ohun tí ilẹ̀ náà lè rù. Ẹni tó ń bá amọ̀ sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ kánjú, torí amọ̀ kì í tètè fèsì.

Ẹni tó ń kánjú nínú ẹbí wọn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀, ọkọ Ìyá Ẹ-Dúró-Ná, dàgbà nígbà tí bàbá wọn kú, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà inú ilé fi ń pè é ní Bàbá. Èèyàn rere ni, ká má parọ́. Àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó gbàgbọ́ pé kò sí ohun tí a kò lè fi ọ̀pọ̀ borí.

Nígbà tí ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò fẹ́ kọ́ táǹkì omi gíga, Bàbá ló gba iṣẹ́ náà, Ìyá Ẹ-Dúró-Ná ló sì yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Amọ̀ rírọ̀ ni, bí a bá sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló túbọ̀ ń rọ̀. Ó ní kí wọ́n gbá páìlì wọlẹ̀, ìyẹn òpó kọ̀ǹkéré gígùn tó máa ń fi ara di amọ̀ mú. Wọ́n gbá ọ̀kan wọlẹ̀ láti fi dán an wò, wọ́n to irin wúwo lé e lórí. Kò rì ju ìbú èékánná lọ. Ó fọwọ́ sí i pé páìlì náà dára, ó ní kí wọ́n gbá mẹ́sàn-án, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì dáadáa, kí wọ́n sì kọ́ táǹkì kékeré lé wọn lórí. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ mìíràn gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ rọ omi kún táǹkì náà ni Bàbá pè é pé kó wá fi ẹ̀rọ rẹ̀ wo bó ṣe dúró, kí gbogbo ayé lè rí i pé ẹbí kan ló ṣe iṣẹ́ náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bó ṣe gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó gbójú sókè, ó dúró. Táǹkì tó rí tó ìlọ́po méjì èyí tó mọ̀, ó tún lé díẹ̀. Òjìji rẹ̀ bo òrùlé wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ.

"Bàbá, ta ló ní kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá tó báyìí?"

"Àwọn onílé ìwòsàn ni. Omi tó pọ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Má mikàn, Ìyàwó." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Mẹ́sàn-án lo ní ká gbá. Mo fi mẹ́rìndínlógún kún un! Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀ báyìí."

"Níbo lẹ ti rí àyè? Ògiri ẹlòmíì wà lẹ́yìn, wọ́ọ̀dù wà níwájú."

"Mo gbá wọn sáàárín àwọn ti tẹ́lẹ̀ ni. Àyè ṣì wà láàárín wọn."

Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á gan-an nìyẹn. "Bàbá, wọ́n ti fún mọ́ra jù. Bí páìlì bá jìnnà síra, kálukú ló ń di amọ̀ tirẹ̀ mú. Bí wọ́n bá fún mọ́ra, amọ̀ àárín wọn á há, yóò máa bá wọn rìn ni. Gbogbo wọn á wá di ẹyọ òpó sàǹgbàndà kan, ìta rẹ̀ nìkan ló sì ń di ilẹ̀ mú. Nígbà tó jẹ́ àárín lẹ fi wọ́n sí, ìta kò fẹ̀ sí i. Òpó yẹn kò lágbára ju ti mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ lọ."

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ni Bàbá wí, ó sì yíjú sí àwọn èrò àdúgbò tó gbé korobá wá pọn omi lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé àwọn ló ń bá sọ̀rọ̀. "Àjèjì ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ṣebí ìwọ lo fọwọ́ sí i pé ọ̀kan dára? Kí ló dé tí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ò ní dára?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Inú bí Ìyá Ẹ-Dúró-Ná, ojú sì tì í, torí òótọ́ ni pé ọwọ́ òun ló wà nínú ìwé àyẹ̀wò náà. Ó nawọ́ sí bẹ́ẹ̀dì kan tí wọ́n sá sóòrùn níta. "Bí ẹnì kan bá jókòó sórí tìmùtìmù yẹn, ó lè má tẹ̀ ju díẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí èèyàn márùn-ún jókòó sójú kan náà, ẹ wo bó ṣe máa wọlẹ̀ tó. Ẹrù tí páìlì kan ń gbé kì í ràn jìnnà nísàlẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ páìlì a máa para pọ̀, á sì kan amọ̀ rírọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí àyẹ̀wò ẹyọ kan kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá."

"Ṣé o mọ̀ dájú pé yóò wó?"

Ìbéèrè yẹn ló dá a dúró, torí kì í purọ́. "N kò mọ̀ ọ́n dájú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé agbára tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kò sí níbẹ̀."

"Ó tán," ni Bàbá wí. Nígbà tó wá rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: wọn yóò máa rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹsẹ̀ táǹkì bá sì rì ju ìbú àtàǹpàkò kan lọ, òun fúnra òun ni yóò ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ omi. Ó búra lójú gbogbo wọn.

Ìyá Ẹ-Dúró-Ná gbé ẹ̀rọ awò rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ lókèèrè, ó fi ọ̀dà sàmì sí ẹsẹ̀ táǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ń fi wọ́n wé àmì kan lára ògiri àtijọ́ tó mọ̀ pé kò ní rìn. Ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tí omi dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹsẹ̀ náà ti rì ju bí páìlì àyẹ̀wò ṣe rì lọ lọ́nà púpọ̀. Ó pariwo rẹ̀ fún Bàbá, Bàbá ní kò tíì tó àtàǹpàkò. Ọkọ rẹ̀ pè é lórí fóònù, ó ti gbọ́ nípa àríyànjiyàn wọn. "Jọ̀wọ́, má dójú ti ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. Ó pa fóònù, ó sì tún gbé ojú sí ẹ̀rọ awò.

Nígbà tí omi dé ìdajì, rírì náà kọjá ìbú àtàǹpàkò. Ẹsẹ̀ tó wà níhà wọ́ọ̀dù ló rì jù. Páìpù tó so táǹkì mọ́ ilẹ̀ ti tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Ó sáré lọ bá Bàbá, ẹni yẹn sì ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ omi, ó kàn sọ pé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Obìnrin náà padà sídìí ẹ̀rọ awò. Omi ti dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò dúró. Ó ń rì lọ díẹ̀díẹ̀, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, láìsí ẹni tó ń fi kún ẹrù rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá fojú ara yín wò ó."

Bàbá wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó dìde, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn èrò ń lu korobá, wọ́n ń kọrin omi dé. Bàbá nu ojú rẹ̀. "Ilé gbogbo ló máa ń jókòó díẹ̀," ló wí, ó sì juwọ́ sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pé kó tún tàn án.

Ìyá Ẹ-Dúró-Ná bẹ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Onítọ̀hún ní Bàbá nìkan lòun ń gbọ́ tirẹ̀. Ó bẹ mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, pé kí wọ́n kó àwọn abiyamọ kúrò nínú wọ́ọ̀dù. Mátírọ́ọ̀nù wò ó, ó wo Bàbá. "Ilé kan náà ni ẹ ti wá," ni ó wí. "Bàbá ní kò séwu, ẹ̀yin ní ewu wà. Àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni mo kó síbẹ̀, mi ò lè máa gbé wọn ká nítorí ìjà ẹbí. Ẹ lọ parí ọ̀rọ̀ yín." Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Ìyá Ẹ-Dúró-Ná nítorí ìbínú. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Bàbá kò sí níbi tó dúró sí mọ́. Kò wá a. Ó kàn gba ẹ̀yìn lọ sí wọ́ọ̀dù, ó ti pinnu pé òun yóò gbé ẹnikẹ́ni tí òun bá lè gbé, bí wọ́n tilẹ̀ máa lé òun jáde.

Ó ṣílẹ̀kùn. Bàbá ló wà níbẹ̀.

Ó gbé ọmọ tuntun kan sápá òsì, ó fi apá ọ̀tún fa ìyá ọmọ náà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni ìyá náà, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó bímọ láìpẹ́. "Dìde pẹ̀lẹ́," ló ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jẹ́ ká jáde lọ gba atẹ́gùn."

"Bàbá, nọ́ọ̀sì ní kí n má tíì dìde."

"Mo ní ká lọ gba atẹ́gùn!"

Ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu obìnrin náà tó lè sọ, gbogbo rẹ̀ ló sì tọ́ sí Bàbá, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ló ṣe é lójijì. Ó lọ di apá kejì ọmọ Bàbá mú.

Lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan tí omi òògùn ń kán sí lára fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè. Ó wo Bàbá, ó wo ọmọ tó gbé, ó sì wo òrùlé tí ìró ẹ̀rọ omi ń mì tìtì.

"Bàbá," ló wí, "ṣé àwa ò nílò atẹ́gùn ni?"

Àwọn abiyamọ tó kù yíjú sí Bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá gbé ọmọ náà fún Ìyàwó, ó lọ síbi fèrèsé, ó sì pariwo tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń kọrin níta dákẹ́. "Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn! Ẹ tú omi inú rẹ̀ jáde! Ẹ tú gbogbo rẹ̀ jáde!" Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó padà wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì obìnrin olómi òògùn náà mú.

"Ìyàwó," ló wí láì gbójú sókè, "gbé ọmọ yẹn fún ìyá rẹ̀, kó o wá bá mi di apá orí bẹ́ẹ̀dì mú."