Bí Àǹtí Wáyà Ṣe Jí Ráútà Bàbá Aránṣọ Dìde

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan fún yín. Kì í ṣe ọmọ ọba, kò sì bá iwin jà rí. Ráútà ló ń tún ṣe, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri inú ilé. Àǹtí Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé wáyà ló máa ń fi kọ́ ọrùn bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: tábìlì kan, fáànù kan tó ń ráhùn látàárọ̀, àti abọ́ kan tó kún fún ìṣó wẹ́wẹ́.

Ó ní òfin kan tó fi kọ́ gbogbo oníbàárà rẹ̀. "Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ẹ má tíì pè mí o. Ẹ yọ ráútà kúrò lára iná, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, kí ẹ fi í padà." Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí. Ẹni tó sì pa òfin náà mọ́ jù ni Bàbá Aránṣọ. Kíkà tirẹ̀, ará ilé kejì ń gbọ́ ọ.

Ìyàwó Bàbá Aránṣọ ti ya adití láti kékeré, kò sì mọ̀wé. Ọwọ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ láti ogójì ọdún ó lé. Tí wọ́n bá ń jà, ọwọ́ a máa fò bí ẹyẹ. Tí wọ́n bá parí ìjà, ọwọ́ a rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, Ìyá yọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bàbá ní òun fẹ́ dì í mú, ni àwọn méjèèjì bá jọ yí dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá ṣẹ́, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dì í, ó jókòó sílé. Ti Ìyá le jù bẹ́ẹ̀ lọ: egungun ìbàdí ni, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní ìlú tó jìnnà.

Wọ́n ní aago mẹ́rin ọjọ́bọ̀ ni àwọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́ níbẹ̀. Wọ́n wá ṣe àdéhùn pé nọ́ọ̀sì yóò gbé fóònù dúró síwájú Ìyá, kí Bàbá ṣàlàyé fún un láti ilé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i, kó má baà rò pé wọ́n fẹ́ pa òun.

Àǹtí Wáyà mọ̀ sí àdéhùn yìí. Láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè wọnú ráútà oníbàárà. Ní aago méjì ààbọ̀ ọjọ́bọ̀ náà, ó rí i pé ètò tuntun, ìyẹn ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, ti jáde fún irú ráútà Bàbá, ètò tó ń tún ibi tí ìpè ti ń já ṣe. Ó ní kí òun yáa pààrọ̀ ti àtijọ́, kí ìpè Bàbá má baà já. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ti ń nawọ́ sí fóònù láti sọ fún Bàbá pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan nígbà tí obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí èèrà kún inú rẹ̀. Èèrà tú sórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ Bàbá bọ́ lọ́kàn rẹ̀.

Nílé Bàbá, gbogbo iná ara ráútà kú, ó ku ẹyọ kan tó ń ṣẹ́jú. Bàbá rí i. Lónìí kẹ̀? Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dé ìdí ògiri, ó fa ráútà yọ, ó kà dé ẹẹ́wàá, ó fi í padà. Iná pupa kan ń ṣẹ́jú, kò sí nǹkan mìíràn.

"Àǹtí Wáyà!" ni ó pariwo lórí fóònù. "Mo ti ka ẹẹ́wàá, mo ti ka ogún, mo ti ka ọgbọ̀n!"

Àǹtí Wáyà gbá orí mú. "Bàbá, ìgbà wo lẹ yọ ọ́?"

"Kété tí iná rẹ̀ kú. Bí o ṣe kọ́ mi náà ni."

Ó sáré gbé àpò, ó dé ibẹ̀ láago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ráútà àrọ́pò kan ṣoṣo tó ní wà ní ilé ìwòsàn àdúgbò, ó ti yá wọn. Ó kọ́kọ́ fi fóònù tirẹ̀ pe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n inú kòtò ni ilé Bàbá wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò lè gbé àwòrán tó ń rìn. Ọwọ́ Ìyá gan sójú fóònù bí ọwọ́ ère. Ta ni yóò ka ọ̀rọ̀ lára ọwọ́ tí kò mira?

"Èmi ni mo fà á, Bàbá," ni Àǹtí Wáyà sọ bó ṣe ń tú àpò. "Èmi ni mo ń pa ètò inú rẹ̀ dà. Ó kọ́kọ́ ń nu ti àtijọ́ kúrò ni, kó tó kọ tuntun síbẹ̀. Àárín ìyẹn ni iná kúrò. Ti àtijọ́ ti lọ, tuntun kò tíì pé. Ó ń jí, kò rí nǹkan tí yóò kà, ó tún ń bẹ̀rẹ̀."

"Ó ti kú nìyẹn?"

"Ó kù díẹ̀. Apá kékeré kan wà tó ń jí i, ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ìyẹn sí. Bí ìyẹn kò bá fara gbọgbẹ́, yóò gba ètò lọ́wọ́ mi. Bí ó bá fara gbọgbẹ́, àfi kí n tú u, kí n yọ chípù, ọpọlọ inú rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òní."

"Tó o bá jí i tán ni ká máa jà," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi."

Ó fi wáyà so ráútà mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò fi ráútà sára iná ògiri mọ́, bátìrì inú àpò rẹ̀ ni ó fi gbé e. Ó fi abẹ́rẹ́ Bàbá tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ráútà mọ́lẹ̀, ó tan án. Ó tètè yọ abẹ́rẹ́. Iná pupa ń ṣẹ́jú bí i tẹ́lẹ̀.

"Ó kọ̀," ni Bàbá wí.

"Èmi ni mo yára." Ó pa á, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́, òógùn ń kán sórí tábìlì. Iná náà yí, ó ń ṣẹ́jú wéréwéré. "Ó ń gbọ́! Apá kékeré yẹn wà!" Ó rán ètò lọ. "Ó kù kí á mú ọwọ́ kúrò. Ìṣẹ́jú márùn-ún, Bàbá. Ẹ má kà."

Bàbá di ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ apá bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ọbẹ̀. Ètè rẹ̀ ṣáà ń mì.

"Ẹ ń kà, Bàbá."

"Àdúrà ni."

Aago mẹ́rin lù. Fóònù dún, nọ́ọ̀sì ni: "Bàbá, ibo lẹ wà? Ó ti di irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí. Àwa mẹ́ta kò lè tú ọwọ́ rẹ̀. Dókítà ti wọlé."

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Bàbá bẹ̀ ẹ́.

Iná àkọ́kọ́ tàn, ti kejì tẹ̀ lé e. Ráútà jí pátápátá, ṣùgbọ́n kò mọ ilé ta ni ó wà: orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ìlà ilé Bàbá ń lò ti pòórá. Àǹtí Wáyà ṣí ìwé rẹ̀, ó tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná kẹta tàn. Bàbá pe ọsibítù lórí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ju fóònù lọ.

Ìyá yọ lójú rẹ̀ kedere. Òtítọ́ ni, ó di irin mú, ojú rẹ̀ ń wá ilẹ̀kùn. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Kò yára. Ó fi hàn án níbi tí egungun ti ṣẹ́, bí wọ́n yóò ṣe tò ó, pé oorun ni yóò sùn, pé òun náà ni yóò kọ́kọ́ rí nígbà tó bá jí.

Ìyá ń wò ó. Ó ní ọ̀rọ̀ láti fèsì. Ọwọ́ nìkan ló sì ní tó lè fi sọ ọ́. Ó tú ọwọ́ ọ̀tún kúrò lára irin, ó wo nọ́ọ̀sì, ó tú ti òsì náà.

"Irun rẹ rí wúruwùru," ni ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Lọ yà á kí n tó jí."

Nọ́ọ̀sì rọra ti bẹ́ẹ̀dì náà, ọwọ́ Ìyá ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ.